Orúnkún tó ń dùn lórí àtẹ̀gùn: bí ẹ ṣe máa fún itan yín lágbára láìpa ara yín lára

Ìyá kan wà tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 54, kílò 96, òkè kejì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn 34 sì ni wọ́n máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó délẹ̀. Físíò niṣẹ́ mi, ìyẹn àwa tí a máa ń fi ẹsásáìsì tọ́jú eegun àti iṣan. Ọjọ́ tí màmá yìí kọ́kọ́ wá, ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni pé ó ti tó oṣù 6 tí àwọn ti ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé, ọwọ́ méjèèjì lórí irin, àwọn ọmọ ilé á wá máa pariwo pé "màmá ti wọ rìfásì o." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n díẹ̀. Mo ní kí wọ́n má dá àwọn ọmọ yẹn lóhùn, torí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ ti fúnra ẹ̀ wá ọ̀nà tí orúnkún fi máa sinmi, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Mo wá bi wọ́n pé èwo ló le jù, gígòkè ni àbí sísọ̀kalẹ̀? "Hẹ̀n, sísọ̀kalẹ̀ mà ni o. Tí mo bá ń gòkè á máa mú mi, àmọ́ tí mo bá ń bọ̀ nílẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé orúnkún fẹ́ já mi jù sílẹ̀."

Bí ọ̀pọ̀ àwọn màmá tó sanra díẹ̀ tí wọ́n ti lé ní 45 ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ó sì nídìí. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ṣì wà lókè ló máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó sì máa di gbogbo ara mú kó má ré lulẹ̀, ẹran iwájú itan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, òun ni búréèkì. Bó ṣe ń fà, ó ń tẹ eegun kékeré roboto tó wà níwájú orúnkún mọ́ eegun itan gidigidi. Ẹrù tó ń wà lórí orúnkún kan lásìkò yẹn lé ní ìlọ́po 3 ìwọ̀n ara èèyàn. Fún màmá wa tó jẹ́ kílò 96, ìyẹn ti kọjá kílò 300, bí àpò sìmẹ́ǹtì 6 tí wọ́n gbé lé orúnkún kan, lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ìgbà 34 kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó wà nínú orúnkún ná. Ẹ mọ eegun rírọ̀ funfun tó máa ń wà lórí eegun itan adìẹ, èyí tí a máa ń fi eyín họ jẹ? Irú ẹ̀ ló bo orí àwọn eegun tó pàdé nínú orúnkún tiwa náà, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn. Àìsàn tó sábà máa ń fa irú ìrora yìí ni làkúrègbé orúnkún (àwọn dókítà máa ń pè é ní ọsitíò-atiráítíìsì), tó bá ti wọlé, ibẹ̀ máa ń tín-ín-rín, á máa rí ṣákaṣàka, eegun abẹ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á tún máa yọ kókó létí. Àwọn kan á sọ fún yín pé òróró orúnkún ló ti gbẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, orúnkún kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà gan-an omi ló ti pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wú.

Nǹkan tó wá ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù ni pé tí orúnkún bá ń dùn, èèyàn á máa yẹra fún àtẹ̀gùn, á máa rán ọmọ níṣẹ́, á máa fi ọwọ́ ti ara ẹ̀ kúrò lórí àga, ẹran itan á wá máa joro nítorí pé kò níṣẹ́ ṣe mọ́. Búréèkì ti ń jẹ tán nìyẹn, ẹrù tí itan ì bá gbà á kọjá tààrà sínú orúnkún. A ò lè dá eegun rírọ̀ yẹn padà sí bó ṣe wà, n ò ní purọ́ fún yín. Itan la lè tún ṣe.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá làkúrègbé orúnkún ni

Tí ẹ bá ti lé ní 45, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń lo orúnkún ló ń dùn tí ẹ bá jókòó á rọlẹ̀, tí ó bá jẹ́ pé tí ẹ bá jí láàárọ̀ ó máa ń le gan-an ṣùgbọ́n kò tó ààbọ̀ wákàtí tó fi máa tú, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ òun. Tó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ nígbà tí ẹ bá ń dìde, ìyẹn náà máa ń bá a rìn. Ẹ ò nílò láti sáré lọ ya ẹsiréè kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹsásáìsì, torí mo ti rí ẹni tí fọ́tò orúnkún ẹ̀ burú bíi pé kó má lè rìn tó sì ń rìn lọ sọ́jà, mo sì ti rí ẹni tí fọ́tò ẹ̀ mọ́ kedere tó ń sunkún.

Ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ ni ìbàdí. Oríkèé ìbàdí lè bàjẹ́ kó jẹ́ orúnkún ni ẹ ti máa gbọ́ ìrora ẹ̀. Ẹ sùn sílẹ̀ ní gbalaja, kí ẹnì kan bá yín ká orúnkún sókè kó wá yí ẹsẹ̀ yẹn sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́. Tó bá dùn yín ní abẹ́nú ibi tí itan ti pàdé ara, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà wo ìbàdí yín, torí ohun tí mò ń kọ síbí yìí ò ní tó fún un.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí sì wà tí ẹsásáìsì ò kàn rárá, ilé ìwòsàn ni: orúnkún tó gbóná tó pọ́n tó wú lójijì pàápàá tí ibà bá tẹ̀ lé e, orúnkún tó há tí kò ṣeé nà tí kò ṣeé ká, ẹni tó ṣubú tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, ìrora tó ń jí èèyàn lóru lálaalẹ́ tí kò sì sí ohun tó ń mú un rọlẹ̀, àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dùn tí èkejì ò wú, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, kò gbọ́dọ̀ dọ̀la.

Bí ẹ ṣe máa gun àtẹ̀gùn láti òní lọ

Itan ò ní lágbára lọ́sẹ̀ kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ jáde nílé lọ́la. Ẹ di irin mú, tí kò bá sí irin ẹ bẹ káfíńtà tàbí wẹ́dà kó fi kan sí i, owó yẹn wúlò ju owó oògùn lọ. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dáa ni kó ṣáájú, kí èyí tó ń dùn wá bá a lórí àtẹ̀gùn kan náà. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, èyí tó ń dùn ni kó ṣáájú, kí èyí tó dáa wá bá a. Ìdí ni pé ẹsẹ̀ tó bá kọ́kọ́ gòkè ló ń fa ara sókè, ẹsẹ̀ tó bá gbẹ̀yìn nígbà sísọ̀kalẹ̀ ló sì ń ṣe búréèkì, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó lágbára ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń dùn, ẹ wò ó, ọ̀kan máa sàn ju ọ̀kan lọ ṣáá ni.

Fífi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ bíi ti màmá wa, mi ò bá yín jà sí i, ó máa ń rọrùn fún orúnkún lóòótọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé irin wà, iná wà, kò sí nǹkan lọ́wọ́ yín, kò sì sí ọmọdé lẹ́yìn yín. Ẹrù lórí àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa tì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún yẹn lè tó kílò 20. Sílípáàsì rọ́bà tó ti jẹ náà, ẹ bọ́ ọ, bàtà tó bá di gìgísẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀ sórí àtẹ̀gùn.

Ẹsásáìsì mẹ́rin, ìkan lẹ́yìn ìkan

Èyí tó rọrùn jù ní kíkọ́kọ́. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ ká tọ́wẹ́lì kan kó nípọn tó agolo mílíìkì, ẹ fi sábẹ́ orúnkún. Ẹ wá fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ tọ́wẹ́lì yẹn mọ́lẹ̀ bíi pé ẹ fẹ́ fún omi inú ẹ̀, ẹ ka 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ìgbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí lẹ lè ṣe lójoojúmọ́ kódà ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan iwájú itan nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ le bí iṣu tútù, tó bá ṣì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ a jẹ́ pé ìdí lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe itan. Ẹ má sé èémí mọ́nú o, ẹ máa kà á síta, torí sísé èémí máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ní in.

Èkejì, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ kan kí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ bẹ́ẹ̀dì, kí èkejì nà tantan. Ẹ kọ́kọ́ mú itan ẹsẹ̀ tó nà yẹn le bí ẹ ṣe ṣe ti tọ́wẹ́lì, kó tó di pé ẹ gbé e sókè, kó má kọjá ibi tí orúnkún kejì ga dé. Ẹ ka 3, ẹ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kó má já bọ́. Ìgbà 10, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe 10. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé orúnkún á ti máa ká bí ẹsẹ̀ ṣe ń gòkè, tó bá ti ká, àǹfààní ẹ̀ ti lọ, ẹ dín iye ẹ̀ kù kó lè nà dáadáa. Tí ẹ̀yìn yín bá ń dùn, ẹ jókòó sórí àga kí ẹ máa na ẹsẹ̀ kan síwájú dípò ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìyá gbogbo wọn, tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa ṣe nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni kẹ́ ẹ ṣe. Jíjókòó àti dídìde ni. Ẹ wá àga tó dúró dáadáa, kì í ṣe oníke tó ń gbọ̀n o, ẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri. Ẹ gbé pílò kan tàbí méjì lé e kó lè ga, torí bí àga bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni orúnkún ṣe máa ń ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sún síwájú àga, ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí gìgísẹ̀ wọ abẹ́ orúnkún, ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí àgbàlagbà, kí ẹ wá dìde láìfi ọwọ́ ti itan. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó padà, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, ẹ máa ka 1, 2, 3, 4 bí ìdí ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá jábọ́ sórí àga gbì, kò tíì ṣe nǹkankan, torí àtisọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ yẹn náà ni búréèkì tí a nílò lórí àtẹ̀gùn. Ẹ sì máa wo orúnkún yín, kò gbọ́dọ̀ máa ṣubú wọnú lọ pàdé ara wọn, ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà ni kó máa dojú kọ.

Ẹ fi 6 tàbí 8 bẹ̀rẹ̀, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ tó fún un, ká ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdè, kí ẹran itan ráyè sinmi láàárín. Tí ẹ bá ti lè ṣe 10 lọ́nà 3 tí kò sì ni yín lára fún ìgbà méjì tó tẹ̀ léra wọn, ẹ yọ pílò kan.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹrin kó tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ẹ ní kí káfíńtà kan pákó pọ̀ kó ga tó ìǹṣì 4, kó fẹ̀ kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lè gbà sórí ẹ̀, kó má sì máa mì. Ẹ má to pákó lé ara wọn lásán o, ó máa yọ̀. Ẹ dúró ti ògiri tàbí tábìlì kí ọwọ́ lè ní nǹkan tó máa dìmú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó, ẹ fi ẹsẹ̀ yẹn gbé ara sókè, ẹ wá ka 3 bí ẹsẹ̀ kejì ṣe ń lọ kan ilẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ fò, gbogbo obìnrin tí mo ti kọ́ ló kọ́kọ́ máa ń fò, ẹsẹ̀ tó wà lórí pákó ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ìgbà 8, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kejì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù

Ìrora díẹ̀ nígbà ẹsásáìsì kò túmọ̀ sí pé ẹ ń ba orúnkún jẹ́, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á tì nìyẹn. Ẹ fún ìrora yín ní máàkì láti 0 dé 10, kí 0 jẹ́ kò dùn rárá, kí 10 jẹ́ èyí tó burú jù tí ẹ lè rò. Tí kò bá kọjá 5 nígbà tí ẹ ń ṣe é, tó sì jẹ́ pé tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Tó bá kọjá 5, tàbí tí orúnkún wú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín iye ẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ má dá a dúró pátápátá. Itan tó ń ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì yàtọ̀ o, ìyẹn kàn jẹ́ iṣan tó ṣiṣẹ́.

Bó ṣe lọ fún màmá aláṣọ

Ọjọ́ àkọ́kọ́, pílò 2 la gbé sórí àga, 6 péré ni wọ́n lè ṣe, máàkì ìrora wọn 4. Ọ̀sẹ̀ 2 kọjá, wọ́n dé 10. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n dá mi lágara: lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ara yá wọn, wọ́n bá ṣe 40 lójú kan níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí ilẹ̀ Mọ́ńdè fi mọ́ orúnkún ti wú bí àgbálùmọ̀ ńlá, wọ́n pè mí pé ẹsásáìsì mi ti pa àwọn. A fi ọjọ́ 2 sinmi, tọ́wẹ́lì nìkan la ń tẹ̀, a wá fi 5 bẹ̀rẹ̀ padà. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, pílò ti kúrò, a bọ́ sórí pákó.

A ò fi ti ẹsásáìsì nìkan ṣe o. Wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti aago 9 títí dé 6, wọ́n sì máa ń mu mínírà 2 lójúmọ́, ṣúgà inú ìgò ńlá kan lè tó bíi ṣíbí tíì 10. Omi la fi rọ́pò ẹ̀. Àmàlà alẹ́ ò kúrò, mi ò láyà láti yọ ọ́, òkèlè ló kéré tí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i, aago 7 dípò 9. Kílò 5 ló kúrò láàárín oṣù 3. Ẹ lè ní kí ni kílò 5, àmọ́ fún kílò kan tó bá kúrò lára, bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀, nítorí náà bíi kílò 20 ni màmá sọ̀ kalẹ̀ fún orúnkún wọn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí wọ́n dé kílò 86 kó tó di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn á rí i.

Ti oògùn, jẹ́ẹ̀lì díkílófẹ́náàkì tí wọ́n ń fi pa orúnkún la lò, ó kéré ní wàhálà ju èyí tí wọ́n ń gbé mì lọ, torí èyí tí wọ́n ń gbé mì lè dá egbò sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ mi, kẹ́mísì kan ládùúgbò ti máa ń pọn oríṣi oògùn 5 pọ̀ sínú ọ̀rá fún wọn, funfun, pupa, aláwọ̀ ewé, kò sí orúkọ lára ẹ̀. Nígbà tí a béèrè, sitẹ́rọ́ìdì wà níbẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ bí idán lọ́jọ́ 3 àkọ́kọ́, òun náà ló ń mú èèyàn sanra sí i, tó ń gbé ṣúgà sókè, tó ń sọ eegun di aláìlágbára. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ kò gbọ́dọ̀ já a lójijì, dókítà ló gbọ́dọ̀ bá a dín in kù. Òrí àti omi gbígbóná kò burú ní tiwọn, wọ́n ń jẹ́ kó tú láàárọ̀. Gbẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ má sín sí i, pàápàá tí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ.

Lọ́sẹ̀ kejìlá màmá ti ń kọjú síwájú sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ kan lórí irin, ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn kan. Máàkì ìrora wọn lórí àtẹ̀gùn ti já láti 7 sí 3. Ìkúnlẹ̀ ṣì le, torí eegun iwájú orúnkún yẹn ni gbogbo ara máa ń jókòó lé, wọ́n wá ń tẹ orí ba díẹ̀ kí àwọn àgbà báyìí, wọ́n á ti sọ pé "ẹ má bínú o, orúnkún ni." Pákó ìǹṣì 4 ti wà lábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò bá sí kọ́sítọ́mà wọ́n á fà á jáde. Ọmọ wọn kékeré tó ń pè wọ́n ní rìfásì ló ń bá wọn kà á.